Eṣinṣin Àjàṣẹ́: Ìṣirò ọjọ́ tí agolo òògùn kò mọ̀

Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta ní Àjàṣẹ́, tí oòrùn sì tún yọ, ohun méjì ló máa ń pọ̀ lọ́jà: àgbàdo tútù àti eṣinṣin. Àwọn tó ń ta ẹja ní ọjà Ouando á mú abẹ̀bẹ̀ tàbí páálí lọ́wọ́, wọ́n á máa fi lé eṣinṣin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń ta ẹran á fi ewé tàbí ọ̀rá bo ti ẹ̀. Bó bá wá di ọ̀sán, tí apá ti ń ro wọ́n, ẹnìkan á na ọwọ́ sábẹ́ àtẹ, á mú agolo òògùn jáde, á fọ́n ọn yíká. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òkú eṣinṣin á ti wà nílẹ̀ bí ẹ̀pà tó dà nù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òmíràn á ti dé, iye wọn kò sì ní yàtọ̀ sí ti àná.

Ibi tí wọ́n ti ń padà wá la fẹ́ tọ̀ lọ nínú ìròyìn yìí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò ọjọ́ tí kò le rárá, àti pé nínú ìlú Àjàṣẹ́ yìí kan náà, àwọn kan wà tí wọ́n mọ ìṣirò náà débi pé wọ́n ń fi bọ́ ẹja.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe rí nínú garawa ìdọ̀tí

Oríṣi eṣinṣin méjì ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Àkọ́kọ́ ni eṣinṣin ilé, èyí tó dúdú bí eérú, tó máa ń bà lé àwo oúnjẹ. Èkejì ni èyí tó tóbi díẹ̀, tí ara rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì aláwọ̀ ewé tàbí búlúù, tó sì máa ń kùn bó bá ń fò. Eṣinṣin ilé fẹ́ràn ìdọ̀tí ilé ìdáná, ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn àti èso tó ti ń rà. Aláwọ̀ ewé fẹ́ràn ẹran, ẹja, òkú ẹran àti ṣáláńgá. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú garawa ìdọ̀tí ìyá olóúnjẹ kan ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó da ìfun ẹja, èèpo iṣu àti àjẹkù ẹ̀bà sínú rẹ̀. Garawa náà kò ní ọmọrí. Kó tó di ọ̀sán, eṣinṣin ilé kan ti bà lé e, ó sì ti yé ẹyin sínú ibi tó tutù. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá yé, ẹyin náà máa ń tó 75 sí 150, wọ́n funfun, wọ́n sì kéré ju hóró ìrẹsì lọ fíìfíì. Ojú lásán lè rí wọn, bí èèyàn bá mọ ohun tó ń wá. Eṣinṣin kan náà lè yé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan kó tó kú.

Nínú ooru wa, ẹyin náà kì í pé ọjọ́ kan kó tó pa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá fi mọ́, ìdin ti wà nínú garawa. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìdin yìí ń ṣe: ó ń jẹun. Kò nífẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ó máa ń rì wọ inú ìdọ̀tí níbi tó tutù tó sì gbóná díẹ̀. Ẹni tó bá wo orí garawa láti òkè lè máà rí nǹkan kan.

Nígbà tó bá di ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, ìdin náà ti yó, ó ti sanra, ìwà rẹ̀ á sì yí padà. Kò ní fẹ́ ibi tó tutù mọ́. Ibi gbígbẹ ló ń wá báyìí, níbi tó ti máa sùn tí yóò sì di eṣinṣin. Lóru ló sábà máa ń rìn. Á gba ihò tó wà nísàlẹ̀ garawa jáde, tàbí kó gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀ tó wà nítòsí. Níbẹ̀ ni awọ ara rẹ̀ á ti le, á di hóró kan tó pọ́n bí àwọ̀ obì, tí kì í jẹun tí kì í sì í rìn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, ọmọlanke akólẹ̀ dé. Ó kó gbogbo ìdọ̀tí lọ, ó sì gba owó rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ dúpẹ́. Àmọ́ ìdin ti kúrò nínú ohun tí wọ́n kó lọ, wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ abẹ́ garawa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyẹn bíi ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, eṣinṣin tuntun á gbẹ́ ilẹ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ láti ẹyin dé ìyẹ́ kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Nígbà tó bá tún fi máa pé ọjọ́ mélòó kan sí i, abo inú wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tirẹ̀.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so mọ́ nìyí. Bí ọmọlanke náà bá wá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ìdin tó wà nínú ìdọ̀tí kò tíì dàgbà tó láti jáde, wọ́n á kó o lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìlera fi máa ń ní kí wọ́n kó ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ níbi tí ooru bá wà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè tó ní ìlú olótùútù. Ẹni tó ń sanwó ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní Àjàṣẹ́, òórùn àti ìrísí ló ń sanwó fún. Eṣinṣin rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ní báyìí, SGDS ni ilé iṣẹ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti bójú tó ìdọ̀tí ní Àjàṣẹ́, Kútọnu, Abomey-Calavi, Sèmè-Podji àti Ouidah. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè nípa àdúgbò rẹ̀, ìbéèrè tó dára jù lójú tiwa ni ti iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n kó o àti ìgbà tí wọ́n tún máa kó o. Bí ó bá ti ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ẹ mọ̀ pé eṣinṣin ló jèrè.

Kí ló dé tí òògùn fífọ́n kì í fi tó?

Òògùn tí wọ́n fọ́n lójú ọjà, èyí tó ń fò ló ń pa. Ẹyin, ìdin àti hóró inú ilẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí eṣinṣin tó ti níyẹ̀ẹ́ bá kú lónìí, àwọn tó wọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá á jáde lọ́la láti gba ipò wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi òògùn nìkan borí wọn ní láti máa fọ́n ọn lójoojúmọ́, títí láé.

Bí ó bá sì ń fọ́n ọn lójoojúmọ́, ìṣòro mìíràn dé. Eṣinṣin tí òògùn kò pa ló ń bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jogún agbára náà. Nígbà tí òògùn DDT kọ́kọ́ jáde, àwọn èèyàn rò pé òpin ti dé bá eṣinṣin ilé. Kí àwọn ọdún 1940 tó parí, wọ́n ti rí eṣinṣin tí DDT kò ràn mọ́ ní Sweden àti ní Italy. Àwọn òògùn tó tẹ̀ lé e kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, inú ààtàn ní àwọn kòkòrò kéékèèké kan tó ń jẹ ẹyin àti ìdin eṣinṣin. Òògùn máa ń pa àwọn yẹn náà, wọn kì í sì í tètè pọ̀ padà bíi ti eṣinṣin.

Ti ọjà tún léwu lọ́nà tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fọ́n sí afẹ́fẹ́ máa ń bà lé ẹja, ẹran àti tòmátì tí a ó jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ òtapíápíá àti àwọn ìgò kékeré tí kẹ́míkà dáíklọ́fọ́ọ̀sì wà nínú wọn le débi pé lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ tó jẹ́ mìlílítà 100 tàbí tó kéré sí i. Ọjà Nàìjíríà àti ọjà tiwa kò sì jìnnà síra, ohun tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀ lè wá ibùgbé síbí.

Kí á má baà ṣe òdodo ní ààbọ̀, òògùn ní ìgbà tirẹ̀. Ní àwọn abúlé kan ní Pakistan ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí fọ́n òògùn ní ìgbà tí eṣinṣin pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì dín kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí fi hàn pé eṣinṣin ń gbé àrùn lóòótọ́, àti pé bí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, fífọ́n òògùn fún ìgbà díẹ̀ lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ṣe é, pẹ̀lú ìwọ̀n àti àkókò tó yẹ. Kì í ṣe agolo abẹ́ àtẹ.

Àwọn tó ń fi ìdin pa owó ní Ouando

Ní ọdún 1985, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan, Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá Ibùdó Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Ọ̀pọ̀ ló mọ ibẹ̀ nítorí èso, adìyẹ àti ẹja tí wọ́n ń tà, tàbí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ìdin eṣinṣin wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ ẹja àti ẹyẹ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sin ìdin kò ṣòro. Wọ́n á kó ohun tó ń rà, bíi ìfun ẹran, ìfun ẹja tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, sínú bàsíà tàbí àpótí sìmẹ́ńtì. Wọ́n á rọ omi sí i díẹ̀, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ ní ọ̀sán kí eṣinṣin tó ń fò kiri lè wá yé ẹyin sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á bò ó. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ìdin ti sanra. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí asẹ́ tí wọ́n gbé lé orí bàsíà nínú oòrùn. Nítorí pé ìdin ń sá fún ìmọ́lẹ̀, fúnra wọn ni wọ́n á gba ojú asẹ́ já sísàlẹ̀, bàsíà á sì gbà wọ́n. Wọ́n á fi omi fọ̀ wọ́n, ó di inú odò ẹja.

Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni. Bí àgbẹ̀ bá lọ síbi ìgbéyàwó tó sì padà dé lọ́jọ́ keje, kò ní bá ìdin nínú bàsíà mọ́, á ti fọ́n ká sínú ilẹ̀ oko rẹ̀. Ìdin tí ì bá fi bọ́ ẹja á di eṣinṣin tí aládùúgbò máa wá jà lé lórí. Àṣà yìí kì í ṣe eré, ẹni tí kò bá lè dúró ti ọjọ́ rẹ̀ kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rí ibi tó ṣàlàyé ìṣirò ọjọ́ mẹ́rin náà dáadáa jù èyí lọ: ohun tí ìyá olóúnjẹ ń pàdánù nínú garawa rẹ̀, àgbẹ̀ tó mọ kàlẹ́ńdà eṣinṣin ń kó o tà.

Songhai tún ní àwọn ọ̀fìn gáàsì, níbi tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn sí kí ó lè di gáàsì ìdáná. Inú rẹ̀ wà ní dídé pa, afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ọ́, ìdin kò lè gbé níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran tí ì bá wà nílẹ̀ ní ìta gbangba fún eṣinṣin ti ní iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Abẹ́ garawa ni kí ẹ wò

Kì í ṣe gbogbo wa ló ní odò ẹja. Fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù lásán, ohun tó máa ń dín eṣinṣin kù jù ni kí a ya ìdọ̀tí tútù sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbẹ. Ọ̀rá, páálí àti ìgò kì í bí eṣinṣin, wọ́n lè dúró de ọmọlanke fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìfun, egungun, àjẹkù àti èèpo èso ni ìdin ń jẹ. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kì í pọ̀: garawa kékeré kan tó ní ọmọrí tó dé dáadáa máa ń tó fún ilé olóúnjẹ kan fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó ní àyè lè gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, kó sì tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn lórí dáadáa. Iyẹ̀pẹ̀ tí a kàn dà lé e lásán kò tó, torí eṣinṣin tuntun lè ti orí rẹ̀ gba inú iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ jáde. Ní àwọn ààtàn ìlú tí wọ́n ń ṣe bó ṣe yẹ, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 15 ni wọ́n fi ń bo ìdọ̀tí lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń kó ìdọ̀tí jọ láti fi ṣe ajílẹ̀ ní àǹfààní mìíràn, ìyẹn ooru. Àárín òkìtì ajílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń gbóná ju 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ, ìdin kò sì lè gbé inú rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà kì í gbóná bíi àárín, ibẹ̀ ni ìdin á sì kó ara wọn sí. Àfi kí a máa yí i, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ àárín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbóná, ká ki irin tàbí igi kan bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọwọ́ kò bá lè dì í mú nígbà tí a fà á yọ, ó dára.

Ní ọjà, a máa ń gbójú fo abẹ́ garawa. Omi ẹja àti ẹ̀jẹ̀ ń jò láti ìdí rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á di ẹrẹ̀ tó ń rùn, ìdin lè máa gbé nínú ẹrẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń kó garawa lójoojúmọ́. A ti rí ọjà tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní tí eṣinṣin rẹ̀ kò dín kù, nítorí ohun tó wà lábẹ́ garawa. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí garawa dúró lórí sìmẹ́ńtì tó dà gẹ̀rẹ́ sí ojú gọ́tà, tàbí lórí igi tó gbé e sókè kúrò nílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi omi fọ abẹ́ rẹ̀. Gọ́tà náà gbọ́dọ̀ máa ṣàn. Gọ́tà tí ìfun ẹja dí lójú di ilé ìdin tuntun.

Ní odò ẹran, ti eṣinṣin aláwọ̀ ewé le jù. Ó máa ń gbóòórùn ẹran láti ọ̀nà jíjìn, ẹyin tó máa yé lẹ́ẹ̀kan sì lè ju 200 lọ. Bí ìdin rẹ̀ bá ti yó, ó lè rìn jìnnà ju ti eṣinṣin ilé lọ kó tó wọlẹ̀. Nítorí náà, ìfun, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ẹran kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Tí wọ́n bá ń pẹran láàárọ̀, kí ọjọ́ tó rọ̀ ni kó ti wọ ilẹ̀, tàbí kó ti dé ọ̀fìn gáàsì.

Páìpù orí ṣáláńgá

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá yàtọ̀ sí ti ìdọ̀tí, torí kò sí ọmọlanke tó ń kó ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Níhìn-ín, a ní láti jẹ́ kí eṣinṣin wọ inú ẹ̀wọ̀n. Ní àwọn ọdún 1970, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zimbabwe báyìí, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Peter Morgan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Blair fi páìpù kan sí ara ṣáláńgá, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ lókè. Wọ́n ka eṣinṣin tó ń jáde láti inú ṣáláńgá méjì fún ọjọ́ 78. Láti inú èyí tí kò ní páìpù, eṣinṣin 13,953 ló jáde. Láti inú èyí tó ní páìpù, 146 ni.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti lóye. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lórí páìpù ń fa òórùn sókè, nítorí náà eṣinṣin tó wà níta máa ń wá òórùn náà lọ sí orí páìpù, nẹ́ẹ̀tì kò sì jẹ́ kó wọlé. Èyí tó bá ti inú ṣáláńgá dàgbà ń wá ìmọ́lẹ̀ láti jáde. Bí inú yàrá ìgbẹ́ bá ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó ń rí ni ti orí páìpù. Á fò lọ síbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì á dá a dúró, á sì kú síbẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tún hàn gbangba. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé ńlá sí ara yàrá náà, tàbí kí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí lójoojúmọ́, ìmọ́lẹ̀ á wọlé láti inú yàrá, eṣinṣin á sì tẹ̀ lé e jáde sójú wa. Páìpù gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 15, kó sì ga ju orí òrùlé lọ ní nǹkan bí ààbọ̀ mítà. Ojú nẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ tóbi ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bí ó bá tóbi jù, eṣinṣin á kọjá. Bí ó bá kéré jù, afẹ́fẹ́ kò ní ṣàn. Nẹ́ẹ̀tì lásán kì í pẹ́, torí oòrùn àti gáàsì inú ṣáláńgá ń jẹ ẹ́. Ẹ gun òkè wò ó lọ́dọọdún, kí ẹ sì gbá aláǹtakùn inú páìpù kúrò. Irú ṣáláńgá yìí kò fẹ́ kí a dé ihò rẹ̀ pa, torí ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣáláńgá tí kò ní páìpù ló fẹ́ ọmọrí tó dé pinpin.

Àjàṣẹ́ ní ìṣòro kan tí Zimbabwe kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Ìlú wa wà létí ọ̀sà, omi kò jìnnà nínú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ní ìgbà òjò, omi máa ń gbé ohun tó wà nínú ṣáláńgá sókè, ìgbẹ́ tútù tó ṣàn bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin aláwọ̀ ewé sì fẹ́ràn. Níbi tí ilẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé ṣáláńgá ga sórí ilẹ̀, kí wọ́n mọ ọ̀fìn rẹ̀ ní bíríkì kí omi má baà wọ̀ ọ́, ó sàn ju kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn lọ. Owó rẹ̀ pọ̀ jù, a kò lè parọ́ fún yín.

Ohun kékeré kan tún wà. Eṣinṣin tó máa ń bà lé ojú àwọn ọmọdé, tó ń gbé àrùn ojú tó ń fọ́ni lójú, kì í sábà dàgbà nínú ṣáláńgá. Orí ìgbẹ́ èèyàn tó wà nílẹ̀ gbangba ló ti ń dàgbà. Ní Gambia, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004 fi hàn pé kíkọ́ ṣáláńgá nìkan dín irú eṣinṣin yìí tó ń bà lé ojú ọmọ kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Pọ́ọ̀ ọmọdé tí a dà sẹ́yìn ilé, ohun tí à ń bọ́ nìyẹn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ojú lásán máa ń tan èèyàn jẹ lórí ọ̀rọ̀ eṣinṣin, torí wọ́n ń pọ̀ wọ́n sì ń dín bí oòrùn àti òjò bá yí padà. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń lo fírémù igi, tí wọ́n kan àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ní ìtẹ̀léra. Wọ́n á gbé e sí ibi tí eṣinṣin pọ̀ jù, wọ́n á sì ka iye tó bà lé e láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Wọ́n á ṣe é ní ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á mú mẹ́ta tó pọ̀ jù, wọ́n á sì wá ìdá àárín wọn. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà kankan lè kan irú rẹ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà. Kí wọ́n kà á ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá yí ọjọ́ ìkólẹ̀ padà lónìí, kí wọ́n má retí àyípadà lọ́la: eṣinṣin tó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì máa jáde, àwọn tó ń fò náà á sì tún lo ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta láyé. Ó máa tó bí oṣù kan kí iye tó wà nínú ìwé tó já wálẹ̀.

Bí iye náà kò bá dín kù lẹ́yìn oṣù kan, ẹ mú igi kan, kí ẹ fi ṣá iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó yí garawa yín ká, títí dé nǹkan bí mítà kan sí i. Bí ẹ bá rí hóró aláwọ̀ obì nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde, ọjọ́ tí ẹ ń kó ìdọ̀tí ló ń pẹ́ jù. Bí hóró náà bá ṣófo tí orí rẹ̀ ti ṣí, wọ́n ti fò lọ. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, tí eṣinṣin sì ṣì pọ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Eṣinṣin ilé kì í sábà lọ jìnnà ju 500 mítà lọ sí ibi tí wọ́n bí i, nítorí náà orísun rẹ̀ wà ní ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.